Ọwọ́ Kọ́ Ló Ń Sọ Ọkùnrin Di Akúra

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohùn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó àgbo. Ọ̀dọ́ Odò-Ape tó bá lọ ná ọjà Kàbbà kò ní ṣàì gbọ́ irú rẹ̀. Wọ́n á ní ọmọkùnrin tó ń fọwọ́ pa nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ títí àtọ̀ fi ń jáde ń da agbára ara rẹ̀ nù, àti pé bó bá gbéyàwó tán, nǹkan náà kò ní lè dìde mọ́. Lẹ́yìn ìdẹ́rùbà yìí ni ìgò oògùn máa ń jáde. Irọ́ ni, irọ́ tó ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá sì ni.

Irọ́ náà ti pẹ́ láyé, kì í sì í ṣe ọjà Yorùbá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1760, Tissot, dókítà ọmọ ilẹ̀ Súwísílándì, tẹ ìwé jáde pé ìpàdánù àtọ̀ ń sọ ara di hẹ́gẹhẹ̀gẹ ju ìpàdánù ẹ̀jẹ̀ lọ. Kò lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí họ́mónù ọkùnrin, tẹsitositẹrọ́nù, nítorí ọdún 1935 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Kórópọ̀n ló ń ṣe họ́mónù yìí, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń dà á sí, lábẹ́ àṣẹ tó ń wá láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi àtọ̀ ń wá láti àwọn ẹ̀yà mìíràn nítòsí àpò ìtọ̀. Nítorí náà, bí àtọ̀ bá jáde, kì í ṣe ibi ìpamọ́ tẹsitositẹrọ́nù ló gbẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní 2001 fi èyí hàn: wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin 10 bí wọ́n ti ń fọwọ́ pa ara wọn, iye tẹsitositẹrọ́nù kò sì yí padà lẹ́yìn tí àtọ̀ jáde. Lóòótọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sẹ́ra, iye náà ga díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn 10 kéré jù láti fi ṣòfin fún gbogbo ọkùnrin.

Ìwádìí mìíràn ni àwọn tó ń wàásù ìsẹ́ra fẹ́ràn jù. Ní 2003, àwọn ará Ṣáínà sọ pé tẹsitositẹrọ́nù ọkùnrin 28 ga sókè sí nǹkan bí ìdá 146 nínú 100 ní ọjọ́ keje ìsẹ́ra. Ohun tí wọ́n kì í fi kún un ni pé ìwádìí náà kò rí i pé ó ń ga sí i lẹ́yìn ọjọ́ keje, àti pé ìwé ìròyìn tó gbé e jáde ti fà á sẹ́yìn.

Kí ló wá ń dá nǹkan ọmọkùnrin dúró láìdìde? Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dìde. Ihò iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, ti ọkàn sì tó 3 sí 4. Nítorí náà, bí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí sìgá bá ń ba iṣan jẹ́, ibi tó tóóró jù ló lè kọ́kọ́ hàn, ní ọdún díẹ̀ kí ọkàn tó fara hàn.

Ká sọ pé ọkùnrin ẹni ọdún 46 kan ní Odò-Ape rí i pé nǹkan òun kì í dìde mọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ǹjẹ́ ó máa ń dìde lójú oorun tàbí ní òwúrọ̀? Bó bá ń dìde nígbà náà, tó sì kọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó, a jẹ́ pé iṣan ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìpayà tàbí àríyànjiyàn ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá dìde rárá, kó lọ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà wò kí oúnjẹ tó kan ẹnu. Bí ìwé àyẹ̀wò bá fi 7.0 mmol/L tàbí jù bẹ́ẹ̀ hàn, tí wọ́n tún un ṣe tó sì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ọkùnrin tó bá gba ọ̀rọ̀ alágbo gbọ́ yóò máa kábàámọ̀ ìgbà èwe rẹ̀, ṣúgà yóò sì máa jẹ ojú àti kíndìnrín rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí. Ẹni tó bá mọ́ lára láti fi ọwọ́ líle di ara rẹ̀ mú lè pẹ́ kí àtọ̀ rẹ̀ tó jáde lọ́dọ̀ obìnrin. Àṣà ni, kì í ṣe họ́mónù, ó sì ṣeé yí padà. Ìbẹ̀rù náà ní ẹ̀bi, nítorí àyà jíjá máa ń fún iṣan pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ráyè wọlé. Bí alágbo ti ń dẹ́rù ba ọ̀dọ́, ó ń dá àìsàn tó fẹ́ tà sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lè pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe àrùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àrùn èké gbe ìwàásù lẹ́sẹ̀.

Ìgò náà gan-an kò mọ́. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti rí sílídẹ́náfílì, oògùn inú Fiágírà, léraléra nínú ohun tí wọ́n pè ní ewé àti egbò lásán. Bí ẹni tó ń lo oògùn náítréètì fún àyà dídùn bá mu ún, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ kò bá dìde, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kó ná owó rẹ̀ lé.