Iṣẹ́ Mẹ́fà Lọ́dún Márùn-ún: Bí Alágbàṣe Ṣe Lè Kọ Ìwé Ìwáṣẹ́ Rẹ̀

Bí àgbẹ̀ bá rí alágbàṣe tó roko fún Lágbájá lánàá, tó tún ń roko fún Tàmẹ̀dò lónìí, kò ní pè é ní ẹni tí kò lè gbé ibì kan. Ó mọ̀ pé àgbàṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá gbé ìwé ìwáṣẹ́, ìyẹn sí-fíì, tó rí ilé-iṣẹ́ mẹ́fà láàárín ọdún márùn-ún, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé, "Ṣé wọ́n ń lé eléyìí ni, àbí òun ló ń sá?" Ọ̀gá náà kò ṣìkà o. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sọ fún un pé àgbàṣe ni.

Ẹ fi oníṣẹ́ iná kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń fa wáyà sí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Ó ṣe oṣù mẹ́fà nílé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan l'Ágbárá ní 2019, ó sì ṣe oṣù márùn-ún l'Ọ́tà, títí di oṣù kejì 2020. Ní 30 oṣù kẹta ọdún yẹn, ìjọba sé Èkó mọ́ nítorí àrùn Kòrónà, kò sì ríṣẹ́ títí di oṣù kọkànlá, tó fi lọ ṣe oṣù mẹ́sàn-án n'Íkòròdú. Ní 2022, Agbárá pè é padà fún oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, kó tó wá ṣe odindi ọdún kan n'Íkẹjà, tó parí ní oṣù kẹta 2024.

Bó bá to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé iṣẹ́ pámánẹ́ǹtì ni wọ́n, ó ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Àkọlé kan ṣoṣo ló yẹ kó kọ sókè: "Oníṣẹ́ iná ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, 2019 sí 2024." Abẹ́ rẹ̀ ni kó to iṣẹ́ sí, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ibi tó ti ṣiṣẹ́, oṣù tó wọlé àti oṣù tó jáde, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, àti pé ó parí rẹ̀. Kó fi Agbárá méjèèjì síbì kan náà, kó kọ ọ́ gbangba pé wọ́n pè é padà ni. Ìlà yẹn ló lágbára jù nínú ìwé náà, nítorí kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́ pe ẹni tó lé lọ. Ti hòtẹ́ẹ̀lì lè wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ "iṣẹ́ kéékèèké."

Kó má fa oṣù gùn láti fi dí àlàfo 2020 o. Kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ti ajẹ́ńsì. Ká ní ajẹ́ńsì ló ń sanwó Ìkòròdú fún un, orúkọ ajẹ́ńsì ni kó kọ́kọ́ kọ, kó wá fi kún un pé ilé-iṣẹ́ báyìí ni wọ́n rán òun lọ. Bí ọ̀gá tuntun bá pe Ìkòròdú, tí wọn ò sì bá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé òṣìṣẹ́ wọn, òpùrọ́ ni wọ́n máa kà á sí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní fọ́ọ̀mù tiwọn, tó ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Níbẹ̀, kó kọ àwọn oṣù kan náà, níbi tí wọ́n bá sì ti béèrè ìdí tó fi kúrò, kó kọ "kọ́ńtíráàtì parí."

Ẹ̀rí rẹ̀ ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ ti 1974, ní abala keje, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá wọlé, bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ alákòókò, kí ọjọ́ tó máa parí wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ń fi hàn pé wọn ò lé e. Kó béèrè fún ìwé náà kó tó kúrò níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti jáde tán, ó máa ń ṣòro kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Àkọlé yìí kò lè bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀ o. Iṣẹ́ pámánẹ́ǹtì tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Ìlà tirẹ̀ ni kó ní, pẹ̀lú ìdí tó jẹ́ òótọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ó wa ọkọ̀, ó ṣe tíṣà, ó tún fa wáyà, iṣẹ́ wáyà nìkan ni àkọlé náà lè gbà.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí ìwé ò lè dáhùn. Ní ìńtáfíù, wọ́n á ní, "Nígbà tó jẹ́ àgbàṣe lo ti ń ṣe, ṣé wàá lè dúró tì wá?" Kó ti ronú ìdí tó fi ń wá iṣẹ́ pámánẹ́ǹtì báyìí kó tó kúrò nílé, nítorí bó bá ń wo òkè wo ilẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ohun tí ìwé rẹ̀ ti tún ṣe, ẹnu rẹ̀ á bà á jẹ́.