Ẹnì Kan Ṣoṣo Kì Í Jẹ́ Sítáàfù

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Bọ́ládé, níbi tí ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń pe Òṣòdì kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ọmọbìnrin kan ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Àwa mẹ́ta la tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé níbi tí òun ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun bójú tó "fáífù sítáàfùsì". Bọ̀dá kan tó ń dúró de fọ́tòkọ́pì yọjú sí kọ̀ǹpútà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ta ló kọ́ ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì yìí? Kò sóhun tó ń jẹ́ sítáàfùsì o! Èmi tí ò ń wò yìí, sítáàfù ìjọba ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ojú tì í. Àwa ò rẹ́rìn-ín, torí pé inú àṣìṣe kan náà ni bọ̀dá yẹn dúró sí tó ti ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, sítáàfù kì í ṣe òṣìṣẹ́ kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibì kan lápapọ̀ ni. Ẹ fi ẹgbẹ́ wò ó. Ta ló máa dìde láàárín wa tó máa ní "ẹgbẹ́ ni mí"? Ọmọ ẹgbẹ́ ló máa pe ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹnì kan ṣoṣo kì í jẹ́ sítáàfù. Mẹ́ńbà sítáàfù ló ń jẹ́. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì èyíkéyìí l'Ékòó, gbogbo èèyàn ló ń jẹ́ "ẹ sítáàfù", títí kan àwọn ọ̀gá.

Ibẹ̀ gan-an ni 's' ti ń ráyè wọlé. Tí ẹ bá ti sọ sítáàfù di èèyàn kan, tí èèyàn yẹn wá di márùn-ún, òfin tí wọ́n kọ́ wa ní pírámárì ni pé ká fi 's' sí i. Ọmọbìnrin yẹn tẹ̀ lé òfin ni. Àwọn kan á sì tún di ẹ̀bi ru Yorùbá. Irọ́ ni! Ọmọ kan, ọmọ márùn-ún: ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá kì í yí padà torí iye. Ká ní Yorùbá ló ń dà wá láàmú, ṣe ni à bá máa gbàgbé 's', a ò ní máa fi kún un.

A ní kó gbé 's' náà lọ sórí mẹ́ńbà, níbi tó ti tọ́ sí i: "fáífù mẹ́ńbàsì ọ́fù sítáàfù".

Bọ̀dá náà tún ṣì í nígbà tó ní sítáàfùsì ò sí rárá. Tíìmù méjì tó wà lórí pápá, tíìmùsì ni, torí ọ̀wọ́ là ń kà, a ò ka orí. Tí a bá ń sọ nípa òṣìṣẹ́ ilé ìwé méjì, tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, sítáàfùsì tọ̀nà. Ọ̀pá náà sì ń jẹ́ sítáàfù. Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pe Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ni wọ́n fi ń pe ọ̀pá àṣẹ tí gómìnà ń gbé fún ọba. Tí ọba mẹ́ta bá gba ọ̀pá lọ́jọ́ kan náà, sítáàfùsì mẹ́ta ni.

Ọmọbìnrin náà tún kọ "mánéjímẹ́ǹtì áà". Bọ̀dá ní "ísì" ni, kò sí àwíjàre. Àwíjàre wà o. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló fẹ́ràn "ísì" jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo méjèèjì, "Arsenal áà" sì ni àwọn tó ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù níbẹ̀ máa ń sọ. Àwa náà ń ṣe é lédè wa. Ẹnì kan á ní "ìjọba ní òun máa tún títì ṣe", ẹlòmíì á ní "ìjọba ní àwọn máa tún títì ṣe". Ẹni àkọ́kọ́ ń wo ìjọba bí nǹkan kan ṣoṣo, ẹnì kejì ń wo àwọn èèyàn inú rẹ̀. Mánéjímẹ́ǹtì tó fẹnu kò, "ísì" bá a mu. Èyí tí wọ́n ń bá ara wọn jà, "áà" ló yẹ ẹ́. Ohun tó burú ni kéèyàn fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kó fi èkejì parí ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò ṣe bẹ́ẹ̀, a ní kó fi "áà" rẹ̀ sílẹ̀.

Bọ̀dá gba fọ́tòkọ́pì rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń sanwó, ó nawọ́ sí pátákó tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bú sẹ́rìn-ín: "Sítáàfùsì Ónlì". Òṣìṣẹ́ kan péré ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún.