Kì í ṣe lọ́jìkì Àǹtí Àgbà ló níṣòro

1. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "kò sí lọ́jìkì nínú ọ̀rọ̀ yìí" sábẹ́ gbogbo ohun tẹ́ ò bá ti fẹ́ràn, ẹ̀yin ni mò ń bá wí lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "lọ́jìkì wà ńbẹ̀, òótọ́ nìyẹn" náà, ẹ má sá lọ, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo yín. Ìbéèrè méjì lẹ lọ̀ pọ̀ bí ata àti tòmátò. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ẹnì kan nílé wa.

2. Wọ́n ń yẹ àwọn èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni nọ́ọ̀sì bá yẹ ìfúnpá ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò. 168/102 ló rí. Tó bá ti tó 140/90, tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Àǹtí Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ sí gúrúùpù ẹbí lórí Wásáàpù nìyí:

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru, ó máa mọ̀ ọ́n lára.
Èmi ò mọ nǹkan kan lára.
Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ mi ò ru.

3. Kí làwọn ọmọ yunifásítì ilé wa fèsì? "Àǹtí, ẹ má bínú o, kò sí lọ́jìkì nínú ohun tẹ́ ẹ sọ yìí." Àǹtí ní kí wọ́n fi ibi tí kò ti sí han àwọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó rí nǹkan tọ́ka sí. Wọn ò lè rí i, torí pé lọ́jìkì wà níbẹ̀. Lọ́jìkì Àǹtí pé pérépéré.

4. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀, ẹ̀kẹta ni ìparí. Ìbéèrè kìíní ni pé: ká ní òótọ́ ni ìpìlẹ̀ méjèèjì, ṣé ó ṣeé ṣe kí ìparí jẹ́ irọ́? Tí kò bá ṣeé ṣe rárá, ọ̀rọ̀ náà tẹ̀léra. Ẹ kíyè sí "ká ní" yẹn o. A ò tíì béèrè bóyá òótọ́ ni. Ká ní gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru ló ń mọ̀ ọ́n lára, ká sì ní Àǹtí ò mọ nǹkan kan lára, ọ̀nà wo ni ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ gbà wọlé? Kò sọ́nà. Ọ̀rọ̀ Àǹtí tẹ̀léra.

5. Ìbéèrè kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ni: ṣé òótọ́ ni ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Tí ọ̀rọ̀ bá tẹ̀léra, tí gbogbo ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà yè kooro. Èyí tó yè kooro nìkan ló fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni ìparí òun. Èyí tó kàn tẹ̀léra lásán ò ṣèlérí kankan.

6. Ẹ wo èyí:

Gbogbo olú-ìlú ìpínlẹ̀ ló wà létí òkun.
Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀.
Nítorí náà, Ìbàdàn wà létí òkun.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀léra! Ìpìlẹ̀ kìíní ló jẹ́ irọ́, kì í ṣe ìdè tó wà láàárín ìpìlẹ̀ àti ìparí. Ẹni tó bá ní "kò sí lọ́jìkì ńbẹ̀" ti ṣìnà. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé: "Irọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ wo máàpù."

7. Ó yá, ẹ wo òdìkejì rẹ̀, tó burú ju ìyẹn lọ torí pé kì í pani lẹ́rìn-ín:

Gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí i sí.
Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí Wọlé Ṣóyínká sí.
Nítorí náà, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Wọlé Ṣóyínká sí.

Gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òótọ́ ni. Síbẹ̀ kò tẹ̀léra. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fi ìrísí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ rọ́pò Ṣóyínká. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí, òótọ́ ni. Àmọ́ Ìkẹ́nẹ́ ni, kì í ṣe Abẹ́òkúta. Ìpìlẹ̀ méjèèjì ṣì jẹ́ òótọ́, ìparí ti di irọ́. Ìrísí kan náà ló mú yín dé Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan, tó tún já yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kòńgẹ́ lásán lẹ ṣe pẹ̀lú Ṣóyínká.

8. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé, kẹ́ ẹ tó kọ "kò sí lọ́jìkì", ẹ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn hàn wá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tó ní ìrísí kan náà wá, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́, tí ìparí rẹ̀ jẹ́ irọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ti borí. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Àǹtí Àgbà, ilẹ̀ á ṣú bá yín.

9. Níbo ló wá yẹ ká ti bá Àǹtí jà? Ìpìlẹ̀ kìíní. Irọ́ ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Lọ́jìkì ò sì lè sọ ìyẹn fún yín láéláé, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti dókítà ni.

10. Mo bá yá ẹ̀rọ, mo gbé e lọ bá wọn. Àǹtí jókòó, ara wọn le koko, wọ́n tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. 171/104. Wọ́n ní ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Ẹ wò ó, inú mi dùn! Ìpìlẹ̀ tèmi ni wọ́n kọlù yẹn, ibi tó yẹ kí wọ́n kọlù gan-an nìyẹn. Mo fi ẹ̀rọ kan náà yẹ ara mi wò: 116/74. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ ọsibítù yẹ̀ wọ́n wò, kò yàtọ̀. Ìpìlẹ̀ Àǹtí wó lulẹ̀.

11. Ẹ má tún wá sọ àsọdùn níbí o. Pé ìpìlẹ̀ wọn wó kọ́ ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Ọ̀rọ̀ tí kò yè kooro ṣì lè gúnlẹ̀ sórí òótọ́, bí ti Ṣóyínká. Òǹkà tí wọ́n rí lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ẹ̀jẹ̀ ríru hàn. Ìpìlẹ̀ tó wó kàn túmọ̀ sí pé Àǹtí ò ní ẹ̀rí mọ́ ni.

12. Wọ́n ti ń lo oògùn wọn báyìí. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ní: "Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ rò. Mo sì mọ̀ pé mo rò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí mo gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi ń bú làákàyè àgbàlagbà, tó jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ló yẹ kẹ́ ẹ tọ́ka sí. Ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.