'Mo Kàn Ní Kí N Béèrè' Kì Í Ṣe Ọ̀wọ̀

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí a bá ń kọ ímeèlì sí àgbà, a gbọ́dọ̀ fi 'mo kàn ní kí n béèrè' àti 'mo ń rò ó bóyá' yí ohun tí a ń tọrọ ká, kí wọ́n má baà pè wá ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èmi kò gbà. Ìbẹ̀rù ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ọ̀wọ̀, ẹni tó ń ka ímeèlì náà ni wọ́n sì ń dà láàmú.

Ẹ wo ohun tí akẹgbẹ́ mi kan kọ sí olùkọ́ Yorùbá wa, tó tún ń mójú tó ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Oṣù kẹta ni wọ́n bí i, oṣù karùn-ún ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀.

'Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé mo rí orúkọ wa lára pátákó. Mo ń rò ó bóyá ọjọ́ ìbí mi kọ́ ló wà níbẹ̀, àmọ́ kò le rárá mà, ìgbà tí àyè bá gbà yín ni.'

Olùkọ́ fèsì: 'O ṣeun, mo ti gbọ́.' Kò sí ohun tó yí padà lára pátákó. Ẹ má dá a lẹ́bi o! Ẹ tún ímeèlì náà kà, kí ẹ wá ibi tí ọmọ yìí ti ní kí wọ́n bá òun tún nǹkan ṣe. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ti sọnù sínú ọ̀rọ̀ nìyí: èsì á dé, á dùn létí, kò sì ní dáhùn ohunkóhun.

'Mo kàn' ń sọ fún olùkọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kéré, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìbí tí kò bá ìwé ìbí mu lè di wàhálà lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì. 'Mo ń rò ó bóyá' sọ ẹ̀bẹ̀ di èrò, kò sì sẹ́ni tó jẹ wá ní èsì èrò wa. 'Ìgbà tí àyè bá gbà yín' ló burú jù, nítorí ìforúkọsílẹ̀ máa parí ní Ọjọ́ Ẹtì.

Mo fura pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti kó àṣà yìí. 'Yú' kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti fún bàbá àgbà, nítorí náà ẹni tó ń kọ ọ́ ní láti wá ibòmíràn fi ọ̀wọ̀ sí. Àwa ní 'ẹ' àti 'yín', a ní 'ẹ kú iṣẹ́', a ní 'ẹ jọ̀wọ́'. Ẹni tó tún kó ti Gẹ̀ẹ́sì lé wọn lórí ti wọ agbádá méjì lọ́sàn-án gangan.

Àwọn mìíràn ní kí a sáà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìyẹn náà kò dáa. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni: 'Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ tún ọjọ́ ìbí mi ṣe.' 'Ẹ' wà níbẹ̀, síbẹ̀ bí àṣẹ ọlọ́pàá ló rí. Ohun tó yẹ kí ó rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ tí a yọ ni ìdí ẹ̀bẹ̀ náà, àti 'bá mi'. Ọ̀rọ̀ kékeré ni 'bá mi', ṣùgbọ́n òun ló ń sọ àṣẹ di ìrànlọ́wọ́.

'Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀. Oṣù karùn-ún ni wọ́n kọ fún mi lára pátákó, ṣùgbọ́n oṣù kẹta ló wà nínú ìwé ìbí mi. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ẹ lè bá mi tún un ṣe kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí ní Ọjọ́ Ẹtì? Mo fi fọ́tò ìwé ìbí náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ímeèlì yìí. Ẹ ṣeun mà.'

Ta ló máa ka èyí tó máa ní ọmọ yìí ya aláìlẹ́kọ̀ọ́? Ìdí ti ṣáájú ẹ̀bẹ̀. 'Ṣé ẹ lè' fún olùkọ́ láàyè láti sọ pé kò ṣeé ṣe, iṣẹ́ tí 'bóyá' fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

N kò bá 'bóyá' jà níbi gbogbo. Bí kò bá dá ọmọ náà lójú pé olùkọ́ yìí ló ń tún un ṣe, kí ó kọ ọ́ pé, 'N kò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ yín ni mà, tàbí ọ̀dọ̀ igbákejì ọ̀gá àgbà.' Ẹ yọ 'bóyá' yẹn, ìtumọ̀ á yí padà. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Bàbá mi ní 'mo kàn' ni ìkúnlẹ̀ inú ímeèlì, nítorí àgbà kò rí wa níbi tí a ti ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí létí. Àmọ́ ọmọ tó kúnlẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ la ẹnu. Bí kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi í pé kí ló gbé e wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá ń yẹ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ wa wò ní sáà yìí, ṣé ẹ lè bá wa fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo 'mo kàn' tí kò níṣẹ́, bí ẹ ṣe ń fà á sábẹ́ àmì ohùn tí a ṣì?