Ẹ má fi ìlù ọkàn yín wé ti ẹlòmíì, ẹ fi wé tiyín àtijọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tá a jọ ń gbé yàrá na ọwọ́ rẹ̀ sí mi lójú. Aago ọwọ́ rẹ̀, irú èyí tó máa ń ka ìlù ọkàn, ti kọ 54. "Wò ó, ọkàn mi ń lù bíi ti eléré ìdárayá. Tìẹ ńkọ́?" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn wọlé ni. Mo jókòó, mo fi ìka kàn án lọ́rùn ọwọ́, mo rí 82. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n tètè lọ kọ ìwé ìhágún mi.

Àwàdà ni o. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe irú ìfiwéra yìí lóòótọ́, tá a sì ń fi kó ara wa lọ́kàn sókè. Èrò tèmi ni pé ìfiwéra náà ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ti ara yín, tẹ́ ẹ kà lọ́nà kan náà, láti ọdún dé ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ. Inú ọkàn ni ohun tó ń mú un lù wà. Tá a bá fi sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń dá a dúró, ó máa lù tó ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iṣan kan tó wá láti ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní fégọ́ọ̀sì, ló ń ṣe bíi bíréèkì fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tá a bá jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀pọ̀ wa máa ń wà láàárín 60 sí 80. Ohun kejì ni bí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó. Ara tó ń sinmi nílò bíi lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ọkàn bá ń ti mìlílítà 70 jáde lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ lù ní nǹkan bí ìgbà 71. Ọkàn ẹni tó ti ń sáré fún ọdún púpọ̀ lè ti 100 jáde, ìgbà 50 péré sì ti tó o. Torí náà, tí nọ́ńbà yín bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ pé bíréèkì ti ń rọ̀, tàbí pé ara ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí pé àìsàn kan wà níbì kan.

Ìwádìí tó yí mi lérò padà wá láti agbègbè Nọ́ọ̀dì-Tírọ́ńdẹ́làgì ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Wọ́n ka ìlù ọkàn àwọn ará ibẹ̀ ní àárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n sì tún kà á fún àwọn èèyàn kan náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Àwọn tó lé ní 29,000 ni, ọkùnrin àti obìnrin, kò sì sẹ́ni tí wọ́n mọ̀ pé ó ní àrùn ọkàn nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń tọpasẹ̀ wọn fún nǹkan bí ọdún 12. Náúmánì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011.

Ohun tí wọ́n rí rèé. Àwọn tí tiwọn ò tó 70 nígbà àkọ́kọ́, tó wá kọjá 85 nígbà kejì, fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ewu ikú àrùn ọkàn tó máa ń wá tí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn bá dí. Àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé ni àwọn tí tiwọn ò tó 70 nígbà méjèèjì. Wọ́n ti ro sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìwọ̀n ara mọ́ ìṣirò náà.

"Ìlọ́po méjì" máa ń dẹ́rù bani, torí náà ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ká ní a kó 10,000 èèyàn tí ìlù ọkàn wọn ò gòkè jọ, a sì dúró tì wọ́n fún ọdún kan. Nǹkan bí 8 nínú wọn ni àrùn yẹn máa pa. Nínú 10,000 tí tiwọn gòkè, nǹkan bí 17 ni. Ẹ ò rí i? Ìyàtọ̀ náà ò kéré, síbẹ̀ àwọn tí kò ní kú lọ́dún náà ló pọ̀ jù lọ fíìfíì. Ẹ tún kíyè sí i pé láti abẹ́ 70 sí òkè 85, ó lé ní ìlù 15. Kì í ṣe 72 tó di 76 ni wọ́n ń sọ.

Ẹnì kan lè wá ní, ṣé ká kúkú wá oògùn tó máa fà á wálẹ̀? Wọ́n ti dán an wò. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ifábúrádíìnì, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dín ìlù ọkàn kù lọ. Nínú ìwádìí Sígínífáì, tó jáde lọ́dún 2014, àwọn tó lé ní 19,000 ló kópa. Wọ́n ní àrùn òpó ọkàn, àmọ́ ọkàn wọn ò tíì dáṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn náà fà á wálẹ̀ lóòótọ́, sí nǹkan bí 60, nígbà tí ti àwọn tí kò lò ó wà ní nǹkan bí 70. Síbẹ̀, ikú àti ìkọlù ọkàn kò dín kù. (Fún àwọn tí ọkàn wọn ò lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, oògùn kan náà ṣèrànwọ́, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀.) Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nọ́ńbà yẹn dà bí iná tó ń tàn níwájú awakọ̀ pé ọkọ̀ ń gbóná. Téèyàn bá yọ gílóòbù iná náà, ọkọ̀ ò ní torí ẹ̀ tutù.

Ní ti kíkà á, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, láìtẹ fóònù. Ẹ fi ìka méjì tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò sí ọrùn ọwọ́, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà. Ẹ má lo àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ o, òun náà ń lù, ẹ lè máa ka tirẹ̀. Ẹ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn kọfí, oúnjẹ tàbí àtẹ̀gùn. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, oyún àti àìsùn máa ń gbé e sókè.

Mo ka tèmi fún ọjọ́ méje lórí àga, láago méje àárọ̀: 74, 71, 75, 73, 72, 86, 74. Òru tó ṣáájú 86 yẹn, inú láàbù ni ilẹ̀ mọ́ mi sí. Tí mo bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, 75 ni, torí pé ọjọ́ burúkú kan ti fà á sókè. Torí náà mo tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, mo mú èyí tó wà láàárín gan-an: 74. Òun ni mo kọ sílẹ̀ fún ọdún yìí.

Tí tiyín bá ń kọjá 100 lójoojúmọ́ lórí ìjókòó, tàbí tó ń fo bí onílù tó gbàgbé ìlù rẹ̀, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín tàbí àyà ń dùn yín, ẹ má dúró de ọdún mẹ́wàá kankan, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

54 ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Mo tú aago rẹ̀ wò. Nígbà tó ń sùn ló ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, orí ìjókòó ni àwọn ará Nọ́wè sì ti ka tiwọn. Mo ní kó jókòó, mo fi ìka kà á fún un lójú ara rẹ̀: 70. Ó ní ọwọ́ mi ló le jù.