Ọ̀rọ̀ Dókítà Mẹ́ta Létí Ẹbí Aláìsàn

Ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta bọ́ sí etí obìnrin kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bináìn, àkúùtù àti króníìkì. Bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 71, ni ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn dókítà tí wọ́n ń yípo wọ́ọ̀dù ní àárọ̀ ọjọ́ náà kò bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀; ara wọn ni wọ́n ń bá sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ń ṣa ọ̀rọ̀ wọn jọ bí ẹni ń ṣa àgbàdo tí ó dà sílẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti fi ẹkún pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Èkó pé àìsàn Bàbá ti di króníìkì. Ẹ̀gbọ́n béèrè pé kí ni wọ́n pe àìsàn náà gan-an, ó sì dáhùn pé wọ́n tún ní ó jẹ́ bináìn. Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Ó ní bí ó bá jẹ́ bináìn, kò sí nǹkan kan, kí wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀ kúrò lára Bàbá, kí wọ́n sì máa gbé e bọ̀ nílé. Ọ̀kan ti ń ro ti ìsìnkú, èkejì kò rí ìdí tí òun yóò fi fi owó iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́. Aláìsàn kan náà ni, dókítà kan náà ni, àwọn méjèèjì sì ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Ẹni tí ìbátan rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì máa ń ní ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́kàn: báwo ni ó ti burú tó? Ọ̀rọ̀ yòówù tí ó bá ti ẹnu dókítà jáde, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni yóò máa wá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tí ó dáhùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkúùtù àti króníìkì ń sọ nípa àkókò. Bináìn ń sọ nípa ìwà ohun tí ó hù tàbí tí ó wú lára. Àṣìṣe àwọn tí ń túmọ̀ fún ẹbí ni pé wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí wọn yóò fi rọ́pò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ ni irú ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ náà ń dáhùn.

Króníìkì wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àkókò. Ohun tí dókítà ń fi sọ ni pé àìsàn náà ti pẹ́ lára, tàbí pé yóò pẹ́. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tó ogún ọdún, tí ó ń lo oògùn rẹ̀, tí ó sì ń lọ sí ọjà lójoojúmọ́, àìsàn króníìkì ni ó ní. Ṣùgbọ́n ìgboro ti sọ ọ̀rọ̀ náà di nǹkan mìíràn. Króníìkì báṣẹ́lọ̀ ni ọkùnrin tí ẹbí ti sọ ìrètí nù pé yóò gbéyàwó. Króníìkì ọ̀mùtí ni ẹni tí kò sí ẹni tí ó tún ń bá wí mọ́. Ìtumọ̀ ìgboro yìí, pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe, ni obìnrin náà gbé wọ inú wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kan tí àánú rẹ̀ ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún un pé àìsàn bárakú ni. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n etí tí ẹ̀rù ti bà kò gbọ́ ju “kú” tí ó wà ní ìparí rẹ̀ lọ.

Àkúùtù ní tirẹ̀ wá láti inú èdè Látìnì, mímú ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí ẹnu abẹ ṣe ń mú. Ẹni tí ó bá jókòó ní kíláàsì ìṣirò yóò rántí igun àkúùtù, èyí tí kò tó 90 dígírì. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé àkúùtù ni àìsàn kékeré, tí króníìkì sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn tí ó dé lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ni àkúùtù. Ọ̀fìnkìn tí yóò lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ àkúùtù. Bí ọkàn ènìyàn bá ṣàdédé fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, àkúùtù náà ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá ni ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lè gbé ara ẹnì kan ṣoṣo. Lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ẹṣẹ́ kan wà tí ó tó awúsá, tí wọ́n ń pè ní pròsítéètì. Ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, ẹṣẹ́ yìí máa ń wú, ó sì lè fún ọ̀nà náà pa. Ó tó ọdún méjì tí Bàbá ti ń dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru láti tọ̀, tí ìtọ̀ náà kò sì lágbára mọ́. Láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, aṣọ ìbùsùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ẹbí ní àgbà ló dé. Kì í ṣe àgbà nìkan. Àpò ìtọ̀ tí kò lè tú ara rẹ̀ tán ń kún díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ̀, ó sì ń mọ́ ọn lára débi pé kì í dùn ún. Ìtọ̀ tí ó ń kán sórí ẹní jẹ́ àkúnwọ́sílẹ̀, bí omi ṣe ń ṣàn ní etí ìkòkò tí ó ti kún. Èyí ni króníìkì tí àwọn dókítà ń sọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀fìnkìn mú Bàbá, ó sì ra oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Púpọ̀ nínú oògùn ọ̀fìnkìn ni ó lè mú kí ọ̀nà ìtọ̀ fún sí i, tàbí kí ó sọ àpò ìtọ̀ di ọ̀lẹ. Nígbà tí ó fi máa di òru, ẹ̀kán kan kò jáde mọ́, ikùn ìsàlẹ̀ le bí pákó, Bàbá sì ń ké. Èyí ni àkúùtù. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ki rọ́bà sí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, lítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ sì dà jáde. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà kì í sábà gbà ju bí ìdajì lítà lọ kí ó tó máa yọ ènìyàn lẹ́nu gidigidi. Èyí tí ó gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ti ń fẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí dókítà fi kọ ọ́ pé àkúùtù ni, lórí króníìkì.

Èyí tí ó ń dun Bàbá, tí ó mú un ké lóru, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni rọ́bà fi yanjú rẹ̀. Èyí tí kò dùn ún rárá fún ọdún méjì ni ó ti rọ́ ìtọ̀ padà sókè, tí kíndìnrín méjèèjì fi wú lójú sikáànù. Kréátíníìnì, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù, jẹ́ 5.8 ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé; ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ le kì í sábà ju 1.3 lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú rọ́bà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 1.9. Ẹbí tí ó bá ń fi ìrora wọn bí àìsàn ti burú tó yóò ti fọkàn balẹ̀ ní ibi tí kò yẹ.

Ó wá ku bináìn, tí ó dá ẹ̀gbọ́n Èkó nínú dùn. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó ti wá jẹ mọ́ onínúure. Ohun tí dókítà ń fi sọ ni pé ohun tí ó wú náà kì í ṣe jẹjẹrẹ: kì í ya wọ inú ẹran ara tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í sì í rìnrìn àjò lọ sí egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Kò sọ pé kò lè ṣe ibi níbi tí ó jókòó sí. Aládùúgbò jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà lè kọ́ ògiri rẹ̀ dí gọ́tà àdúgbò, ilé gbogbo yóò sì kún fún omi. Fáíbírọ́ìdì inú ilé ọmọ jẹ́ bináìn, síbẹ̀ àwọn obìnrin kan wà tí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà lára wọn nítorí rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti gba ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí ń túmọ̀ bináìn sí “aláìléwu” ń ṣe ẹbí ní ibi. “Kì í ṣe jẹjẹrẹ” sàn jù ú lọ, níwọ̀n ìgbà tí gbólóhùn náà kò bá parí síbẹ̀.

Bí wọ́n bá ti yọ rọ́bà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ti wí, ó ṣeé ṣe kí Bàbá máa tọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ilé sì máa dúpẹ́. Àpò ìtọ̀ yóò tún máa kún láìdùn ún. Àmì tí wọn yóò kọ́kọ́ rí lè jẹ́ ẹsẹ̀ wíwú, ìsúkè tí kò lọ, èébì, tàbí kí Bàbá máa sùn ní ọ̀sán gangan bí ẹni tí ó rẹ̀. Oògùn tí ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀ wà, òmíràn sì wà tí ń mú ẹṣẹ́ náà fún, ṣùgbọ́n èyí kejì lè gba bí oṣù mẹ́fà kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, kíndìnrín tí ó ti wú kò sì ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ni yóò wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Dókítà kékeré kan ni ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́, tí ó fa àga, tí ó ní kí obìnrin náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó sì gbé ohùn fóònù sókè.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ìtọ̀ Bàbá ti ń há fún nǹkan bí ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Òun ni króníìkì. Lálẹ́ Sátidé ó há pátápátá; òun ni àkúùtù. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí a rí títí di ìsinsìnyí, ohun tí ó há a kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òun ni bináìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ rọ́bà yìí kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ, yóò tún há, kò sì ní dùn wọ́n. Kíndìnrín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.”

“Dókítà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó burú?”

“Ó burú tó kí ẹ wá owó iṣẹ́ abẹ, sà. Kò burú tó kí àbúrò yín máa sunkún báyìí.”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ó gbà á, ó kéré sí àkókò tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹsẹ̀ Bàbá ní àárọ̀. Ó sì ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í ṣe: ó sọ ibi tí ìmọ̀ òun mọ. “Títí di ìsinsìnyí” tí ó fi kún un ní ìdí. Ìka tí wọ́n fi yẹ ẹṣẹ́ náà wò àti sikáànù ni wọ́n gbé ìdájọ́ kà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń tọ́ka sí jẹjẹrẹ pròsítéètì máa ń fò sókè nígbà tí ìtọ̀ bá há tàbí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki rọ́bà, nítorí náà wọ́n ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ẹran tí wọ́n bá gé kúrò nígbà iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, àbájáde rẹ̀ ni yóò sì fi ìdí bináìn múlẹ̀. Ní ti kíndìnrín, kò tíì sí ẹni tí ó lè fún un ní orúkọ. Oṣù mẹ́ta ni ààlà tí àwọn oníṣègùn fi sí i kí wọ́n tó pe ìbàjẹ́ rẹ̀ ní króníìkì. Bí 1.9 yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà yóò tún jáde lẹ́nu dókítà, lórí ẹ̀yà ara mìíràn.