Ẹ Ní Kí Wọ́n Kọ Ìṣirò Náà Sílẹ̀

Ní oṣù tó kọjá, arábìnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín ládùúgbò wa mú ìwé kan wá bá mi nílé. Ọ́fíìsì tó ń gba owó orí fún ìjọba ìpínlẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i. Ìwé ọ̀hún kò ju ojú kan lọ: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọdún 2023, àti 450,800 náírà tí wọ́n ní ó jẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Ó ti lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹnì kan tó jókòó sídìí tábìlì ti ní kó mú 250,000 wá kí ọ̀rọ̀ tán. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dé ọ̀hún. Bí ẹ bá bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n á gba 200,000.”

Mo ní kó jókòó. Owó orí kì í ṣe pọ̀nmọ́ tí à ń ná. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ti gbà pé òun jẹ gbèsè, iye rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹni tó sì lè já 200,000 kúrò lára owó kan láìṣí ìwé wò, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí owó náà tẹ́lẹ̀.

Kí n má bà á purọ́ fún un, ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún, kí oṣù kẹta tó parí, ó yẹ kí oníṣòwò kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì owó orí. Kò kọ nǹkan kan rí. Òfin owó orí ẹni kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣiṣẹ́ títí 2025 fi parí, fún ọ́fíìsì náà láyè láti fojú dá èrè irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì bu owó orí lé e. Àfojúdá tọ̀nà lójú òfin. Ṣùgbọ́n fífojú dá nǹkan yàtọ̀ sí pípe nọ́ńbà láti inú afẹ́fẹ́. Láti 1937, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Íńdíà, ni àwọn adájọ́ Pírífì Káńsù ní Lọ́ńdọ́nù ti sọ pé ẹni tó ń fojú dá owó orí kò gbọdọ̀ ṣe é pẹ̀lú ìkúnsínú tàbí bó ṣe wù ú; ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àbá olóòótọ́ tó ní ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ yẹn la fẹ́ rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n á kọ lẹ́tà pé kí wọ́n ṣàlàyé ìṣirò fáwọn, wọ́n á wá jókòó máa retí èsì. Ọjọ́ ń lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fúnni láti tako iye náà, láti ọjọ́ tí ìwé bá ti tẹni lọ́wọ́. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, àfojúdá ti di gbèsè tòótọ́, lẹ́tà tí ẹ fi béèrè àlàyé kò sì dá ọjọ́ kankan dúró. Nítorí náà, inú lẹ́tà kan náà la fi àtakò àti ìbéèrè sí. Arábìnrin náà ti lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún nínú ẹ̀bẹ̀ kó tó rántí mi.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà wa sọ pé ó tako iye náà, ó sọ ìdí rẹ̀, ó sì kọ iye èrè àti iye owó orí tí òun gbà pé ó tọ́, torí òfin kì í gba “ó ti pọ̀ jù” gẹ́gẹ́ bí ìdí. Lẹ́yìn náà la wá béèrè: owó wo lẹ kà sí ọjà tó tà, ibo lẹ sì ti rí i? Èrè mélòó lẹ kà sórí ọgọ́rùn-ún náírà ọjà? Kí lẹ yọ sílẹ̀ fún un kí ẹ tó ka owó orí? Òṣùwọ̀n ọdún wo lẹ lò? Ìtanràn àti èlé ńkọ́, ṣé wọ́n wà nínú rẹ̀? Ẹ̀dà méjì la tẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ èyí tó mú bọ̀ wálé. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Mo ti fura ṣáájú pé ìṣirò kan wà níbì kan. Bó bá jẹ́ 500,000 géérégé ni wọ́n kọ, ǹ bá sọ pé ẹnì kan ló lá a. Owó orí tí wọ́n kà ní ìpele ìpele kì í sábà parí sí òdo márùn-ún. Ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ tó wà nídìí 450,800 yẹn ló tú wọn fó.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ìwé kan. Wọ́n ti gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì, wọ́n ro gbogbo owó tó wọlé ní 2023 pọ̀, ó jẹ́ 14,400,000. Wọ́n ní èrè rẹ̀ jẹ́ 25 lórí ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 3,600,000. Wọ́n yọ 200,000 àti ìdá kan nínú márùn-ún èrè, bí òfin ìgbà náà ṣe wí, ó ku 2,680,000. Wọ́n wá ka owó orí láti 7 lórí ọgọ́rùn-ún fún 300,000 àkọ́kọ́, ó ń gòkè títí dé 21. Èmi náà kà á: 450,800 ló jẹ́ lóòótọ́. Ìṣirò wọn péye. Ohun tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ni kò dára.

A jọ tẹ́ ìwé àkáǹtì náà sílẹ̀, ó ń fi bíró pupa sàmì sí i. Mílíọ̀nù mẹ́rin jẹ́ ẹ̀yáwó láti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. 1,600,000 jẹ́ owó tirẹ̀ tó gbé láti àkáǹtì kan sí òmíràn. 800,000 ni àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ra símẹ́ǹtì. Mílíọ̀nù mẹ́jọ péré ni owó ẹja. Báńkì kò mọ ẹ̀yáwó yàtọ̀ sí ọjà. Owó wọlé ni owó wọlé. Láìsí ojú ìwé kan yẹn, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, ẹni tó ń ṣàròyé ló ni ẹrù ẹ̀rí. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ já ìṣirò tí kò rí?

A kó ẹ̀rí owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Wọ́n yọ wọ́n, wọ́n sì mú iye náà wá sí 186,000. Wọn ò gbà lórí 25 yẹn. Arábìnrin náà ní 15 ni èrè òun lórí ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn owó iná, dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ àti ẹja tó bàjẹ́. Ìyẹn á sọ owó orí rẹ̀ di 78,000, ó sì ti san èyí, torí òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun jẹ ẹ́. (Ti ọdún 2026 yóò yàtọ̀. Òfin tuntun kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 àkọ́kọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òṣùwọ̀n ọdún kan ka ọdún mìíràn.)

Ìjà wá kù sórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, ìwé ẹja tó rà ní 2023 ló lè yanjú rẹ̀. Lánàá ni mo bá a nídìí fírísà, ó ń tú àwọn rìsíìtì jáde nínú ọ̀rá kan. Omi ti wọ díẹ̀ nínú wọn, yíńkì ti ṣàn. Ó ń sá wọn sórí okùn aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi pẹ́ẹ̀gì dì wọ́n mú.